Ilé Bàbá Ọ̀rẹ́ Mi: Ìdí Tí Ìlà Fi Ń Pàdé Òpó Nínú Ìsọdipúpọ̀ Mátíríìsì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kú ìjókòó. Gbólóhùn méjì tí kò ní nọ́ńbà kankan nínú ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni "ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi". Èkejì ni "ilé ọ̀rẹ́ bàbá mi". Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ló wà nínú méjèèjì. A kò fi nǹkan kan kún un, a kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Síbẹ̀, ẹni tí a bá fi gbólóhùn àkọ́kọ́ júwe ọ̀nà fún kò ní bá ẹni tí a fi èkejì júwe fún pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan náà.

Ẹ tún wo bí ọkàn wa ṣe ń tú u. Ìparí gbólóhùn la ti ń bẹ̀rẹ̀. "Mi" la kọ́kọ́ dì mú. Láti ara "mi" a bọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ a bọ́ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà la tó dé ilé. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń rìn bọ̀ wá sí ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ẹnu wa láti òsì ló ti ń kà á. Bí a ṣe ń tú `ABx` gan-an nìyẹn: x ni "mi", B ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, A ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ara ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń jáde.

Mo mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ní ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì. Wọ́n ní kí ẹ fi ìka òsì wọ́ lórí ìlà, kí ẹ fi ìka ọ̀tún wọ́ wálẹ̀ lórí òpó, kí ẹ máa sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ní méjì-méjì, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. (Ìlà ni mo ń pe èyí tó dùbúlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, òpó ni èyí tó dúró, láti òkè sí ilẹ̀.) Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè pé, kí ló dé tí kò fi jẹ́ pé ìlà ló pàdé ìlà, tàbí kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kàn pàdé ẹnìkejì rẹ̀ tó wà ní àyè kan náà, bí a ti ń ṣe nínú àròpọ̀, gbogbo yàrá á dákẹ́. Inú mi kì í dùn sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, nítorí ẹni tí kò mọ ìdí òfin kò ní mọ ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́ lójú.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká gbàgbé òfin náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ká fi ìṣirò tí ẹ ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama dé ibẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan wà tí nọ́ńbà méjì ń wọ inú rẹ̀, x àti y, tí nọ́ńbà méjì mìíràn sì ń jáde, u àti v. Ohun tó ń ṣe nìyí:

```
u = 2x + 3y
v = 1x + 4y
```

Ẹ̀rọ kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jáde nínú ti àkọ́kọ́, u àti v, ló ń wọ inú ti kejì yìí, ó sì ń sọ ọ́ di p àti q:

```
p = 5u + 1v
q = 2u + 6v
```

Bí ẹnì kan bá wá ní òun kò fẹ́ gbọ́ nípa u àti v mọ́, pé kí a sọ ohun tí p àti q jẹ́ fún òun tààrà láti ara x àti y, kí la ó ṣe? A ó mú ohun tí u àti v jẹ́, a ó fi rọ́pò wọn:

```
p = 5(2x + 3y) + 1(1x + 4y) = 11x + 19y
q = 2(2x + 3y) + 6(1x + 4y) = 10x + 30y
```

Ẹ dúró síbi 11 yẹn, ẹ má sáré kọjá. Ibo ló ti wá? Ó jẹ́ 5 lọ́nà 2, a ro 1 lọ́nà 1 mọ́ ọn. Nọ́ńbà 5 àti 1 jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀rọ kejì. Nọ́ńbà 2 àti 1 jẹ́ òpó àkọ́kọ́ ẹ̀rọ kìíní, ìyẹn gbogbo ibi tí x ti fara hàn nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni x lè gbà dé ọ̀dọ̀ p. Ó lè gba inú u kọjá: yóò di ìlọ́po 2 ní ẹ̀rọ kìíní, yóò sì di ìlọ́po 5 ní ẹ̀rọ kejì. Ó sì lè gba inú v kọjá, kí ó di ìlọ́po 1 ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. A sọ nọ́ńbà tó wà lójú ọ̀nà kan náà di púpọ̀, a sì ro àwọn ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Òpó ń sọ ibi tí x ti rìn lọ. Ìlà ń sọ ibi tí p ti ń gbà nǹkan. Aárín wọn ni wọ́n ti pàdé, ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń pàdé òpó. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀ tó kàn pa á láṣẹ.

Bí a bá kó àwọn nọ́ńbà náà jáde láìkọ x àti y mọ́, tí a pe ẹ̀rọ kìíní ní B, tí a pe ẹ̀rọ kejì ní A, ohun tí a ṣe nìyí:

```
A = [5 1]    B = [2 3]    AB = [11 19]
    [2 6]        [1 4]         [10 30]
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé B ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, síbẹ̀ A la kọ síwájú. Ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi. Arthur Cayley, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àwọn òfin ìṣirò mátíríìsì kalẹ̀ létòlétò nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1858, ìrọ́pò irú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí náà ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ìsọdipúpọ̀.

Ẹni tó bá ti rí ọ̀rọ̀ náà báyìí kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa há òfin ìwọ̀n sórí. Wọ́n ní òpó tó wà nínú A gbọ́dọ̀ pé iye ìlà tó wà nínú B. Iye òpó A ni iye ohun tí A lè gbà wọlé. Iye ìlà B ni iye ohun tí B ń tú jáde. Bí B bá ń tú nǹkan mẹ́ta jáde, tí A sì ní ojú ihò méjì péré, ibo ni ẹ̀kẹta yóò gbà wọlé? Nítorí náà, mátíríìsì onílà 2 olópó 3 lè gba mátíríìsì onílà 3 olópó 4 mọ́ra, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ onílà 2 olópó 4. Ẹ bá yí wọn padà, ohun 2 ni yóò máa jáde, ojú ihò 4 ni yóò máa dúró dè é, kò sì sí ìsọdipúpọ̀ kankan níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà méjèèjì ló máa ń ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èsì wọn kì í tilẹ̀ jọ ara wọn ní ìrísí. Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo, 1, 2, 3, àti òpó kan ṣoṣo, 4, 5, 6. Bí ìlà bá wà níwájú, 4 ni, ẹ ro 10 mọ́ ọn, ẹ ro 18 mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32. Nọ́ńbà kan péré. Ṣùgbọ́n bí òpó bá bọ́ síwájú:

```
[4]               [4  8 12]
[5] [1 2 3]   =   [5 10 15]
[6]               [6 12 18]
```

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà la fi ṣe méjèèjì o. Irú àṣìṣe báyìí kì í pa ẹnì kankan lára, nítorí ẹni tó ń retí nọ́ńbà kan tí tábìlì odidi sì yọ sí i yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti wọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti mátíríìsì tí ìlà àti òpó wọn dọ́gba. Àwọn yẹn kì í kígbe. Ẹ kọ `AB`, wọ́n á dá yín lóhùn. Ẹ kọ `BA`, wọ́n á tún dá yín lóhùn, pẹ̀lú èsì tó ní ìrísí kan náà. Ẹ jẹ́ ká yí A àti B tiwa yẹn padà, kí B wà níwájú. Àyè àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 2 lọ́nà 5, pẹ̀lú 3 lọ́nà 2, ìyẹn 16. Bí a bá ṣe é tán:

```
BA = [16 20]
     [13 25]
```

Kò sí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ tó bá ti `AB` mu. Ẹ wá wo ohun kan tó máa ń tan àwọn tó ti mọ̀wé díẹ̀ jẹ. Àwọn kan máa ń fi ditẹ́mínáǹtì yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ditẹ́mínáǹtì `AB` jẹ́ 11 lọ́nà 30, a yọ 19 lọ́nà 10 kúrò: 140. Ti `BA` jẹ́ 16 lọ́nà 25, a yọ 20 lọ́nà 13 kúrò: 140 náà ni. Àwọn mìíràn a ro nọ́ńbà tó wà lórí ìlà ìdábùú pọ̀, láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. 11 pẹ̀lú 30 jẹ́ 41. 16 pẹ̀lú 25 jẹ́ 41. Kì í ṣe pé mo fara balẹ̀ wá nọ́ńbà tó bọ́ sí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà gbogbo: bí mátíríìsì méjèèjì bá ti jẹ́ onígun dídọ́gba, nǹkan méjì yìí kì í yí padà bí a bá pààrọ̀ èyí tó ṣáájú. Nítorí náà, ẹ má pè wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú rí ohun tí ìyàtọ̀ náà jẹ́, nítorí nọ́ńbà nìkan kì í tó. Ẹ ya ọ̀nà x gba ìbú, ẹ ya ọ̀nà y gba òòró, kí wọ́n pàdé ní oríta. Ẹ ya onígun mẹ́rin kékeré kan sí apá ọ̀tún lókè oríta náà, kí igun rẹ̀ kan fara kan oríta, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 1. Iṣẹ́ méjì la fẹ́ ṣe fún un. Mo pe èkíní ní F, fífà: kí a fà á gba ìbú títí yóò fi di ìlọ́po 2, kí gíga rẹ̀ má yí padà. Mo pe èkejì ní Y, yíyí: kí a yí i ní dígírì 90 yí oríta ká, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ.

```
F = [2 0]    Y = [0 -1]
    [0 1]        [1  0]
```

Bí a bá kọ́kọ́ fà á, ó di pátákó tó dùbúlẹ̀, ìbú 2, gíga 1. Bí a bá wá yí i, pátákó náà dìde dúró: ìbú 1, gíga 2. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yí i. Onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tí a yí ní dígírì 90, onígun mẹ́rin kan náà ló ṣì jẹ́, kìkì pé ó ti bọ́ sí apá òsì oríta. Bí a bá wá fà á gba ìbú, pátákó tó dùbúlẹ̀ ló dà. Èkíní ń nàró, èkejì sùn sílẹ̀. Ká sọ pé ihò tí ẹ fẹ́ gbẹ́ sí ara irin nìyẹn, ẹ ti ba irin náà jẹ́ nìyẹn.

```
YF = [0 -1]    FY = [0 -2]
     [2  0]         [1  0]
```

`YF` ni "ẹ fà á kí ẹ tó yí i", nítorí F ló sún mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wo òpó rẹ̀ àkọ́kọ́: 0 àti 2. Òpó àkọ́kọ́ mátíríìsì èyíkéyìí ni ibi tí ojú àmì (1, 0) bọ́ sí. Òpó kejì ni ibi tí (0, 1) bọ́ sí. Nínú `YF`, ojú àmì tó wà ní (1, 0) ti lọ dúró sókè ní (0, 2). Nínú `FY`, kò ga ju (0, 1) lọ, (0, 1) ló lọ sí (-2, 0) lápá òsì. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ọ̀nà mìíràn lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òpó ni ibùdó tí àmì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí lè ka mátíríìsì bí ẹni ń ka àwòrán.

Mi ò sọ pé ìtẹ̀léra máa ń yí èsì padà nígbà gbogbo o. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀nà la fa nǹkan náà ní ìwọ̀n kan náà, ìbú 2, gíga 2, kò sí ohun tó kàn án bóyá a yí i ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Yíyí méjì lórí ìwé pẹlẹbẹ náà kì í jà: dígírì 30 ṣáájú 50, tàbí 50 ṣáájú 30, dígírì 80 náà ni. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n á rò pé bí yíyí ṣe rí lórí ìwé pẹlẹbẹ náà ló ṣe rí nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ mú ìwé kan lọ́wọ́ báyìí, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ fi lélẹ̀ síwájú yín lórí tábìlì, kí èèpo iwájú kọjú sókè, kí orí ìwé náà wà lọ́nà jíjìn sí yín, bí ẹni fẹ́ kà á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: ẹ gbé orí rẹ̀ dìde títí ìwé yóò fi nàró, tí èèpo rẹ̀ á kọjú sí yín. Iṣẹ́ kejì: ẹ yí i bí ẹni ń yí ìlẹ̀kùn, dígírì 90, lòdì sí ọwọ́ aago bí ẹni ń wò ó láti òkè. Èèpo rẹ̀ ti kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún yín, orí rẹ̀ ṣì wà lókè. Ẹ dá a padà sílẹ̀. Ẹ wá ṣe iṣẹ́ kejì ṣáájú: ẹ yí i lórí tábìlì, orí rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí yín dìde. Ní báyìí, èèpo kọjú sí yín, orí ìwé sì wà lápá òsì, gbogbo lẹ́tà orí rẹ̀ ń sùn. Ìwé kan náà, iṣẹ́ méjì kan náà. Oríkèé apá róbọ́ọ̀tì mẹ́fà ni ẹ ó máa to mátíríìsì wọn tẹ̀lé ara wọn láìpẹ́. Ẹ ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oríkèé ìgbọ̀nwọ́ bá bọ́ síwájú oríkèé èjìká.

Mo ti jìn sí kòtò kan rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tó wà. Ní ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo gba mátíríìsì yíyí kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kọ àmì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà, tó sì ń fi í sí iwájú mátíríìsì. Èmi òpó ni mò ń lò, ẹ̀yìn mátíríìsì ni mo sì ń fi í sí. Kò sí ẹni tó ṣàṣìṣe nínú àwa méjèèjì; ọ̀nà méjèèjì ló wà láyé, àwọn ìwé kan àti àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan ń lo ti ìlà, àwọn mìíràn ń lo ti òpó. Mo kàn da mátíríìsì rẹ̀ kọ bó ti rí. Kọ̀ǹpútà kò bá mi jà. Apá ẹ̀rọ inú àwòrán náà yí, gígùn rẹ̀ pé, igun rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òdìkejì ló yí sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá àmì ìyọkúrò tí mo rò pé mo gbàgbé síbì kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó bá kúrò ní ọ̀nà ìlà bọ́ sí ọ̀nà òpó gbọ́dọ̀ dojú mátíríìsì rẹ̀ délẹ̀: kí ìlà di òpó, kí òpó di ìlà. Bí ó bá sì jẹ́ mátíríìsì méjì ló tẹ̀ léra, kì í ṣe pé a ó dojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn délẹ̀ nìkan, a ó tún pààrọ̀ èyí tó ṣáájú. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí, T dúró fún dídojúdélẹ̀:

```
(AB)^T = B^T A^T
```

Mátíríìsì yíyí sì ní ìwà kan: bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó di yíyí ní ọ̀nà òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi pé lójú mi, àfi ọ̀nà tó ń yí sí. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan àmì ìyọkúrò kankan. Ẹ fi ojú àmì (1, 0) wọ inú mátíríìsì náà, kí ẹ wo ohun tó jáde. Lọ́nà òpó, òpó àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ lẹ rí, ọ̀nà ìlà lẹni tó kọ kóòdù náà ń lò. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan ni, ì bá sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọjọ́ méjì yẹn. Ẹ kàn má fi àmì tó wà ní oríta yẹ nǹkan wò, nítorí ibi tí (0, 0) wà náà ni yóò dúró sí lábẹ́ mátíríìsì gbogbo.

Kòtò mìíràn wà nínú NumPy, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò. Ẹ tẹ èyí:

```python
import numpy as np
A = np.array([[5, 1], [2, 6]])
B = np.array([[2, 3], [1, 4]])
print(A @ B)
print(B @ A)
print(A * B)
```

Èkíní yóò fún yín ní 11, 19, 10, 30 tiwa. Èkejì yóò fún yín ní 16, 20, 13, 25. Ẹ̀kẹta yóò mú 10, 3, 2, 24 jáde, nítorí `*` ń sọ nọ́ńbà tó wà ní àyè kan náà di púpọ̀ lásán, láìsí ìlà, láìsí òpó. Nínú MATLAB, `*` ni ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì gidi, `.*` ló ń ṣe ti àyè sí àyè. Ẹni tó ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni kí ó ṣọ́ra jù lọ. Ẹ ó sì mọ̀ bó bá ti ṣẹlẹ̀: bí ẹ bá rí i pé `A * B` àti `B * A` bá ara wọn mu ní gbogbo àyè, fún mátíríìsì tí ẹ mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àyè sí àyè lẹ ń ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. A kò lè pààrọ̀ èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n a ní òmìnira lórí ibi tí a ó fi àkámọ́ sí. `(AB)x` àti `A(Bx)` kò yàtọ̀ sí ara wọn ní èsì. Ẹ lè kọ́kọ́ wádìí ẹni tí "bàbá ọ̀rẹ́ mi" jẹ́ kí ẹ tó béèrè ilé rẹ̀. Ẹ sì lè kọ́kọ́ mọ ohun tí "ilé bàbá" ẹnikẹ́ni túmọ̀ sí, kí ẹ tó wá fi ọ̀rẹ́ mi sí i. Ilé kan náà lẹ máa dé. Òógùn tí ẹ máa là ló yàtọ̀.

Ká ní A àti B jẹ́ onílà 1000 olópó 1000, kí x sì jẹ́ òpó kan tó ní nọ́ńbà 1000. Àyè kọ̀ọ̀kan nínú èsì `AB` gba ìsọdipúpọ̀ 1000, àyè náà sì jẹ́ mílíọ̀nù kan. Lọ́nà òfin tí mo ṣàlàyé yẹn, bílíọ̀nù kan ìsọdipúpọ̀ nìyẹn, kí a tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan x. Ṣùgbọ́n `Bx` gba mílíọ̀nù kan péré, èsì rẹ̀ sì tún jẹ́ òpó kan ṣoṣo, kí A tún lo mílíọ̀nù kan lórí rẹ̀. Mílíọ̀nù 2 dípò bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù kan: ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po bí 500. Ẹ sì ṣọ́ra, nítorí láti òsì ni Python ti ń ṣe `@`. Bí ẹ bá kọ `A @ B @ x` láìfi àkámọ́ sí i, ọ̀nà tó gùn yẹn gan-an ló máa gbà. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```python
y = A @ (B @ x)
```

Bí ó bá sì jẹ́ pé mátíríìsì yín kékeré ni, bíi Y àti F tiwa, tí ojú àmì tó fẹ́ gba inú wọn kọjá sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìdàkejì ló dára: ẹ ṣe `YF` lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi í pamọ́, kí ẹ wá máa lò ó fún àmì kọ̀ọ̀kan.